Ìdí tí ẹ̀kọ́ ìwé kíkà kíákíá fi ń já wa kulẹ̀, àti ohun tó ń mú kí èèyàn tètè ka ìwé ní tòótọ́

Ọ̀rọ̀ 238 ní ìṣẹ́jú kan. Ìpíndọ́gba ohun tí àgbàlagbà tó mọ̀wé dáadáa ń kà nìyẹn, tó bá ń fojú ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí kì í ṣe ìtàn àròsọ. Marc Brysbaert, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Ghent ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, ló kó àbájáde ìwádìí 190 jọ ní 2019 kó tó rí iye yìí. Àwọn tí wọ́n dán wò nínú gbogbo ìwádìí náà lé ní 18,000. Fún ìtàn àròsọ, iye náà fò sókè díẹ̀, ó di 260. Tí èèyàn bá ń kà á síta, ó wálẹ̀ sí 183.

Ẹ fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìpolówó tó ń wọlé sórí fóònù wa: ka ọ̀rọ̀ 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, ka odindi ìwé láàárín wákàtí kan, má sì gbàgbé ohunkóhun. Ní Àbújá níbí, irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì rí oníbàárà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìdánwò ìgbéga rẹ̀ ń bọ̀ ní ìwé òfin iṣẹ́ ọba àti ìlànà ìnáwó ìjọba tó gbọ́dọ̀ kà mọ́ iṣẹ́ òòjọ́. Ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní ìdájọ́ tó ga bí òkìtì. Ẹni tó ń ti Nyanya tàbí Lugbe wọ ìlú láràárọ̀ kì í ní ju wákàtí kan lọ lálẹ́ kí oorun tó gbé e lọ. Ó dùn mí pé irú àwọn èèyàn wọ̀nyí, tí àkókò wọ́n lára, ni wọ́n ń ta ìlérí yìí fún, torí ìlérí náà kò bá bí ojú àti ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ mu.

Ojú wa kì í yọ̀ lórí ìlà ìwé geerege bó ṣe dà bíi pé ó ń ṣe. Ńṣe ló ń fò, tó ń dúró. Ìdúró kọ̀ọ̀kan máa ń gba nǹkan bí ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìfò kọ̀ọ̀kan sì máa ń kọjá lórí lẹ́tà bíi 7 sí 9. Bí ojú bá ń fò lọ́wọ́, kò rí nǹkan kan kà. Ìgbà tó bá dúró nìkan ló ń kó ọ̀rọ̀ wọlé. Ìdúró mẹ́rin ní ìṣẹ́jú-àáyá kan jẹ́ 240 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ sì rí i bí iye yẹn ṣe sún mọ́ 238. Òótọ́ ni pé ojú máa ń fo àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kan láìdúró lórí wọn, ṣùgbọ́n ó tún máa ń dúró ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lórí àwọn tó gùn, ó sì máa ń padà sẹ́yìn nígbà míì. Èkíní ń dí èkejì.

Àwọn olùkọ́ ìwé kíkà kíákíá máa ń sọ pé èèyàn lè kọ́ ojú rẹ̀ láti máa gbá odindi ìlà, tàbí odindi ojú ewé, lẹ́ẹ̀kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín gbùngbùn ẹ̀yìn ẹyinjú ni ibi tó ti ń rí nǹkan kedere, ibẹ̀ sì kéré gan-an. Tí ojú bá dúró síbì kan, lẹ́tà bíi 7 tàbí 8 sí apá ọ̀tún ló lè dá mọ̀ dáadáa tó fi lè mọ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Ó ṣì ń rí díẹ̀ kọjá ibẹ̀, pé ọ̀rọ̀ kan ń bọ̀ àti bó ṣe gùn tó, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe kíkà. Bí a ṣe dá ẹyinjú nìyẹn, kò sí eré ìdárayá tó lè fẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá sọ pé òun ń ka ọ̀rọ̀ 1,000 ní ìṣẹ́jú kan ń sọ, bó mọ̀ bí kò mọ̀, pé ojú òun kò kan ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ ojú ewé náà.

Ìkejì nínú ìmọ̀ràn wọn ni pé ká pa ohùn inú lẹ́nu mọ́, ìyẹn ohùn tó ń pe ọ̀rọ̀ nínú orí wa bí a ṣe ń kàwé. Wọ́n ní òun ló ń fà wá sẹ́yìn. Ní 1980, Maria Slowiaczek àti Charles Clifton dán èyí wò ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa pe ọ̀rọ̀ kan náà lápètúnpè, tàbí kí wọ́n máa ka oókan títí dé ẹẹ́wàá, bí wọ́n ṣe ń kàwé lọ, kí ohùn inú má bàa ráàyè. Àwọn òǹkàwé náà ṣì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí. Ibi tí wọ́n ti kùnà ni síso gbólóhùn kan pọ̀ mọ́ èkejì, kí wọ́n sì yọ ohun tí méjèèjì jọ ń sọ jáde. Ìyẹn gan-an sì ni iṣẹ́ tí ìwé ìmọ̀ ń fẹ́ lọ́wọ́ wa.

Ìkẹta ni pé ká má ṣe padà sẹ́yìn láé. Àwọn áàpù kan kọ́ gbogbo iṣẹ́ wọn lé orí èyí. Spritz, tó gbòde ní 2014, máa ń gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jáde lójú kan náà lórí fóònù, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, kí ojú má bàa ní ìdí láti rìn. Lọ́dún yẹn kan náà, Elizabeth Schotter, Randy Tran àti Keith Rayner gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ṣe é kí ọ̀rọ̀ máa di àmì lásán ní kété tí ojú bá ti kọjá lórí rẹ̀, kí òǹkàwé má lè padà sí i. Òye wọn lọ sílẹ̀. Kì í ṣe lórí gbólóhùn tó díjú nìkan, ó ṣẹlẹ̀ lórí èyí tó rọrùn pẹ̀lú. Pípadà sẹ́yìn wà lára òye fúnra rẹ̀: ọpọlọ ti rí i pé nǹkan kò bára mu, ó sì rán ojú padà lọ wò ó.

Ẹ lè wá béèrè pé, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi jẹ́rìí sí i pé ẹ̀kọ́ náà ṣiṣẹ́ fún wọn? Ọ̀rọ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe ń wọn òye. Láti 1959 tí Evelyn Wood, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ti sọ ìwé kíkà kíákíá di òwò ńlá, tí Ààrẹ Jimmy Carter pàápàá kọ́ ọ ní ilé ìjọba wọn, ìdánwò tí wọ́n máa ń lò sábà máa ń jẹ́ ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ kàn máa mú ọ̀kan. Tí ìdáhùn mẹ́rin bá wà fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò ṣí ìwé náà rárá lè gba 25 nínú ọgọ́rùn-ún nípa ìméfò lásán. Tó bá ti gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ náà rí, yóò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣirò mìíràn tún wà tí wọ́n ń lò: wọ́n á mú iye ọ̀rọ̀ tí èèyàn kà ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n á fi máàkì òye rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹni tó ka ọ̀rọ̀ 250 ní ìṣẹ́jú kan, tó gba 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ní 200. Ẹni tó kàn ń ṣí ojú ewé lọ fàì bí ẹni tó ka 10,000 ní ìṣẹ́jú kan, tó sì fi ìméfò gba 25, ní 2,500. Nínú ìwé wọn, ẹni kejì yìí dára ju ẹni àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po méjìlá àti ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni kò ka nǹkan kan. Ìdí rèé tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń fi ìdùnnú kúrò níbẹ̀, tó wá padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ tí kò rí ìyàtọ̀.

Àwọn tó dán an wò dáadáa ni Marcel Just àti Patricia Carpenter, pẹ̀lú Michael Masson, ní Yunifásítì Carnegie Mellon. Wọ́n kó àwọn tó ti kọ́ ìwé kíkà kíákíá jọ, tí wọ́n ń lọ ní nǹkan bí ọ̀rọ̀ 700 ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí kò kọ́ nǹkan kan àmọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n kàn sáré fojú wo ìwé náà lọ, àti àwọn tó ń kà bí a ṣe ń kà á. Lórí àpilẹ̀kọ tó rọrùn, àwọn tó kọ́ ọ mọ kókó ọ̀rọ̀ díẹ̀ ju àwọn tó kàn sáré wò ó lọ. Lórí àpilẹ̀kọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó le, àǹfààní yẹn pòórá. Tí ìbéèrè bá sì dá lórí ohun kan pàtó, ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá dúró sí tòsí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí kì í mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń kà bí a ṣe ń kà á ló ṣáájú gbogbo wọn. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ń kọ́ èèyàn níbẹ̀ ni bí a ṣe ń sáré fojú wo ìwé. Ìmọ̀ gidi ni, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n wọ́n ń tà á pẹ̀lú orúkọ ohun mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa ní Kubwa ṣàlàyé ohun tó ń sọnù. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò. Ẹgbẹ́ náà kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba kan pé àwọn fẹ́ rí ìwé iṣẹ́ bọ́họ̀ọ̀lù tí wọ́n gbé fún agbaṣẹ́ṣe kan, wọ́n sì gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta. Òfin tí wọ́n gùn lé ni Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011, tó ní abala méjìlélọ́gbọ̀n. Bàbá ti wo fídíò nípa ìwé kíkà kíákíá, ó sì fi ọgbọ́n rẹ̀ ka òfin náà. Nígbà tí oṣù ti lé ní ogúnjọ́, ó ní kí n bá òun gbé e yẹ̀ wò.

"Àbúrò, mo ti kà á tán o. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fèsì. Tí wọ́n bá kọ̀, a ní ọjọ́ 30 láti lọ sílé ẹjọ́. Ẹni tó bá kọ̀ láìtọ́ yóò san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Wọn ò tíì kọ̀, torí wọn ò tíì fèsì, ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ ká ní sùúrù."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Iye tí ẹ kà jáde yẹn pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà sí ibi tí ọjọ́ 7 yẹn wà."

Gbogbo nọ́ńbà tí Bàbá mú ló tọ̀nà. Nọ́ńbà rọrùn láti rí, torí wọ́n máa ń yọ síta láàárín ọ̀rọ̀. Ohun tó bọ́ ni ìsopọ̀ àárín wọn. Abala 4 kò sọ pé ọjọ́ 7 tán síbẹ̀. Ó ní ọjọ́ 7 náà wà lábẹ́ ohun tí abala 6, 7 àti 8 bá sọ. Ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan péré ni, láàárín gbólóhùn gígùn, kò sì sí ohun tó mú wọn dá yàtọ̀ lójú ẹni tó ń sáré. Abala 6 gbà wọ́n láyè láti fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un tí ìwé tí wọ́n fẹ́ wá bá pọ̀ jù tàbí tí wọ́n bá ní láti kàn sí àwọn ẹlòmíràn. Abala 7 wá sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù fún Bàbá: tí iléeṣẹ́ náà kò bá fún èèyàn ní ohun tó béèrè láàárín àkókò tí òfin là kalẹ̀, bí ẹni pé ó ti kọ̀ ni. Dídákẹ́ wọn ni ìdáhùn wọn. Abala 20 sì sọ pé láti ìgbà tí wọ́n bá kọ̀, tàbí tí a bá kà á sí pé wọ́n ti kọ̀, ni ọjọ́ 30 ti ilé ẹjọ́ ń kà.

A mú bébà, a kọ ọjọ́ sí i. Wọ́n gba lẹ́tà ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, ọjọ́ 7 pé ní ọjọ́ 9. Kò sí lẹ́tà tó béèrè àfikún ọjọ́. Ọjọ́ 30 láti ìgbà náà yóò pé ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin. Sùúrù tí Bàbá ní kí gbogbo wa ní ló ń jẹ ọjọ́ náà lọ. Òótọ́ ni pé abala 20 kan náà fún ilé ẹjọ́ láṣẹ láti fi àkókò kún un, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó yẹ kó gbára lé ìyẹn.

Ẹ kíyè sí i pé Bàbá kò mọ̀ pé ohun kan bọ́. Ohun tó burú nínú ìwé kíkà kíákíá nìyí lójú tèmi. Ẹni tó ń lọ pẹ̀lẹ́ tí kò bá lóye, ó mọ̀, yóò sì padà sẹ́yìn. Ẹni tó fo ọ̀rọ̀ kọjá kò ní ohun tó máa ta á lólobó, torí ohun tó rí so pọ̀ dáadáa lójú ara rẹ̀.

Báwo ni òfin yìí kan náà ṣe lè gba àkókò díẹ̀ láìsí irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè la fi bẹ̀rẹ̀, a sì kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà wo la lè lọ sílé ẹjọ́, ṣé òfin náà sì mú iléeṣẹ́ yìí? Lẹ́yìn náà, a ka àkọlé abala méjìlélọ́gbọ̀n náà nìkan, èyí tó wà níwájú ìwé òfin. Ibí yìí ni eré wúlò. Geoffrey Duggan àti Stephen Payne fi hàn nínú ìwádìí wọn ní 2009 pé tí àkókò bá kéré, ẹni tó ń sáré wo gbogbo ìwé máa ń rántí àwọn kókó pàtàkì ju ẹni tó ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan títí àkókò fi tán mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín ọ̀nà. Àkọlé àwọn abala náà jẹ́ ká mọ ibi tó yẹ ká dúró sí, ká sì mọ ibi tí a lè fò pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Láti abala 11 lọ, àwọn ìdí tí wọ́n lè fi kọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè àti àṣírí ara ẹni. Iléeṣẹ́ náà kò tíì mẹ́nu kan ìkankan nínú wọn, a sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Abala 1, 2, 4, 5, 6, 7, 8 àti 20 ló kù. Abala mẹ́jọ péré nínú méjìlélọ́gbọ̀n. Abala 2 la kọ́kọ́ kà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ irú iléeṣẹ́ tí òfin náà mú. Ó sì mú ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń ná owó ìjọba pẹ̀lú, tó túmọ̀ sí pé agbaṣẹ́ṣe bọ́họ̀ọ̀lù yẹn lè wà nínú rẹ̀. Àwọn yòókù la kà pẹ̀lẹ́, ó ṣeé ṣe kó má tó ọ̀rọ̀ 200 ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbàkígbà tí abala kan bá dárúkọ òmíràn, a lọ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, a kò fi í sílẹ̀ dẹ̀yìn. Nígbà tí a parí, a pa ìwé náà dé, Bàbá sì sọ bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ léra láti ọjọ́ tí wọ́n gba lẹ́tà títí dé ilé ẹjọ́ láìwo ibì kankan. Ibi tó ti kọ́kọ́ dúró ni ọ̀rọ̀ abala 5, pé iléeṣẹ́ tí kò ní ìwé náà lọ́wọ́ lè gbé ìbéèrè lọ sí òmíràn tọ́rọ̀ kàn jù. A ṣí i, a tún ibẹ̀ nìkan kà. Gbogbo rẹ̀ kò tó wákàtí kan.

Ọ̀nà yìí ní ààlà rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí èèyàn bá mọ ohun tó ń wá. Ẹni tó ń múra ìdánwò ìgbéga kò mọ ohun tí wọ́n máa béèrè, kò lè sọ pé òun fẹ́ fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwé sílẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó ń mú ìkàwé yá láìjí òye kó ni kí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ti di ojúlùmọ̀ rẹ̀. Ojú máa ń pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tí kò wọ́pọ̀, kì í sì í pẹ́ lórí èyí tó mọ̀. Òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìṣirò owó tó bá ka ìlànà ìnáwó máa ń kọjá lórí ọ̀rọ̀ nípa gbígbé owó láti orí ìnáwó kan sí òmíràn láìdúró, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Akẹgbẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀ka ìròyìn yóò dúró, yóò padà, yóò tún un kà. Ojú ẹni àkọ́kọ́ kò yá ju ti ẹnì kejì lọ. Ọ̀pọ̀ wa tún ń ka ìwé wọ̀nyí ní Gẹ̀ẹ́sì, tí kì í ṣe èdè abínibí wa, nítorí náà iye ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ nídìí iṣẹ́ náà tún wá ṣe kókó ju bó ṣe máa ṣe fún ẹni tó bí i sẹ́nu lọ. Ẹni tó bá kọ àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ogójì tó ń dá a dúró sílẹ̀, tó sì mọ ìtumọ̀ wọn dénú kó tó bẹ̀rẹ̀ ìwé, yóò rí ìyàtọ̀ láti orí kejì lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ń tẹ̀ síwájú, ẹ má fi ìdánwò ẹni tó ń ta ẹ̀kọ́ náà wọn ara yín. Ẹ mú ìwé méjì tó le bákan náà, ojú ewé bíi 5 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka iye ọ̀rọ̀ inú ìlà 10, ẹ pín in sí 10, ẹ fi iye ìlà tó wà nínú gbogbo ojú ewé náà sọ ọ́ di púpọ̀. Kí ẹlòmíràn ka àwọn ojú ewé náà ṣáájú, kó sì kọ ìbéèrè 6 lórí ìwé kọ̀ọ̀kan láìfi ìdáhùn kankan sí i. Kí mẹ́ta jẹ́ ohun tí ìwé sọ ní tààràtà, kí mẹ́ta yòókù jẹ́ èyí tó nílò síso ibi méjì pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti dáhùn wọn láìkàwé, kí ẹ fi mọ ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì yọ ìyẹn kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìwé kìíní bí ẹ ṣe máa ń kà á, ẹ ka èkejì pẹ̀lú ọ̀nà tuntun, ẹ sì wo aago nígbà méjèèjì, kí ẹ lè fi iye ìṣẹ́jú pín iye ọ̀rọ̀. Tí eré bá fò sókè láti 220 sí 500, tí ìbéèrè tààràtà kò sì yí padà púpọ̀, ẹ wo mẹ́ta yòókù kí ẹ tó yọ̀, torí àwọn ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Tí eré bá kúrò ní 220 sí 260, tí ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì dúró, ìyẹn jẹ́ ìlọsíwájú gidi: lórí ìwé tó ní ọ̀rọ̀ 12,000, nǹkan bí ìṣẹ́jú 55 yóò di 46.